Àbá iṣẹ́ 31 lórí Upwork, 3 péré ni wọ́n ṣí: ẹ bá mi wo ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà mi

Àdùkẹ́Mọ́kọ́lá · Ọjọ́ Ajé, 8:12 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìbàdàn ni mo wà. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni títún àkọsílẹ̀ ṣe nínú Excel àti Google Sheets. Mo ti ṣe é fún ìsọ̀ olóògùn méjì àti ṣọ́ọ̀ṣì kan níbí, iṣẹ́ náà yé mi. Oṣù kejì rèé tí mo ti wà lórí Upwork, ìkànnì tí àwọn oníbàárà ti ń wá òṣìṣẹ́. Àbá iṣẹ́ 31 ni mo ti fi ránṣẹ́. Connects, ìyẹn owó orí ìkànnì náà tí a fi ń kọ̀wé sí iṣẹ́, tí mo ti ná lé wọn lórí jẹ́ 372, ẹyọ kan jẹ́ $0.15, ó ti lé ní dọ́là 55. Kò tíì sí ẹnì kan ṣoṣo tó dá mi lóhùn.

Àná ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ojú ìwé My Stats. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé nínú 31, mẹ́ta péré ni àwọn oníbàárà ṣí. Àwọn 28 tó kù, kò sẹ́ni tó kà wọ́n. Ó dùn mí wọra, nítorí ó máa ń gbà mí tó wákàtí kan láti kọ ọ̀kan. Gbogbo iṣẹ́ tí mo ti ṣe ni mo máa ń tò síbẹ̀, àti iye tí màá gbà, àti ọjọ́ tí màá parí ẹ̀.

Bí mo ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń kọ ọ́, mo kàn tú u fún yín ni:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Inú mi dùn púpọ̀ nígbà tí mo rí iṣẹ́ yín. Orúkọ mi ni Àdùkẹ́, mo jẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nínú Excel àti Google Sheets láti Nàìjíríà, mo sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí fún ọdún mẹ́rin. Òṣìṣẹ́ takuntakun ni mí, mo sì máa ń parí iṣẹ́ lásìkò..."

Ṣé ìbẹ̀rẹ̀ yìí ló ń lé wọn, àbí nǹkan mìíràn ni?

ỌmọAkínAkúrẹ́ · Ọjọ́ Ajé, 8:40 àárọ̀

Má jẹ́ kí ìlà àkọ́kọ́ dà ẹ́ láàmú. Àsìkò ni gbogbo ẹ̀. Tó o bá ti rí i pé àbá tó wà níbẹ̀ ti wọ "20 to 50", yáa fi sílẹ̀, owó ẹ lò ń dà nù. Èmi kì í jẹ́ kó pé ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé iṣẹ́ jáde kí n tó fi tèmi ránṣẹ́. Mo sì máa ń fi Connects kún un kí tèmi lè wà lókè. Lẹ́tà kan náà ni mò ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo wọn, orúkọ iṣẹ́ nìkan ni mò ń yí padà. Wọ́n sì ń gbà mí.

ÌyáÌbejìPẹ́kàmù · Ọjọ́ Ajé, 9:25 àárọ̀

Èmi kì í wá iṣẹ́ lórí Upwork o, èmi ni mò ń gbé iṣẹ́ jáde. Mo ní ìsọ̀ tí mo ti ń ta gàrí, èlùbọ́, ẹ̀wà olóyin àti epo ní Pẹ́kàmù, Lọ́ńdọ̀n. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe rí lójú ẹni tó ń yan èèyàn, torí mo máa ń rí i pé ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ọ́ kì í mọ̀ ọ́n.

Lóṣù tó kọjá, mo ń wá ẹni tí yóò bá mi kó ìwé gbèsè àwọn oníbàárà mi sínú kọ̀ǹpútà. Ọ̀sán ni mo gbé iṣẹ́ náà jáde. Nígbà tí mo fi máa ti ìsọ̀ lálẹ́, èèyàn 43 ti kọ̀wé. Inú bọ́ọ̀sì 36 ni mo ti kà á, mo fi ọwọ́ kan di irin mú, mo fi ìkejì di fóònù mú, àtàǹpàkò mi ni mo fi ń fà á sókè. Ohun tí mo ń rí lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan ni àwòrán rẹ̀ kékeré, orúkọ rẹ̀, irú iṣẹ́ tó ń ṣe, orílẹ̀-èdè rẹ̀, iye tó ń gbà ní wákàtí kan, lẹ́yìn náà ìlà méjì, ó pọ̀ jù mẹ́ta, nínú lẹ́tà rẹ̀. Ibẹ̀ ló máa gé. Tí mo bá fẹ́ rí ìyókù, àfi kí n tẹ̀ ẹ́.

Ẹ wá wo ohun tí mo kà. "Inú mi dùn láti rí iṣẹ́ yín." Mo fà á sókè. "Inú mi dùn láti rí iṣẹ́ yín." Mo fà á sókè. "Mo ti fara balẹ̀ ka iṣẹ́ yín, èmi gan-an lẹ ń wá." Mo fà á sókè. Nígbà tí mo dé orí ẹnì kẹwàá, ọwọ́ mi ti ń lọ fúnra rẹ̀, ojú mi kò tilẹ̀ dúró mọ́. Kì í ṣe pé mo kórìíra ẹnikẹ́ni. Gbogbo wọn ló jọra, mi ò sì lè ka lẹ́tà 43 kí n tó délé.

Mẹ́fà ni mo ṣí. Ẹni tí mo gbà nínú wọn, ohun tó fi bẹ̀rẹ̀ ni: "Ṣé orúkọ ìnagijẹ ló pọ̀ nínú ìwé gbèsè yín, irú bí Ìyá Bọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, a ní láti wá ọ̀nà tí a máa fi dá wọn mọ̀ kí a tó kó ohunkóhun wọlé." Ara mi bù máṣọ. Ìyá Sadé mẹ́rin ló wà nínú ìwé mi! Mi ò kọ ọ́ síbi kankan nínú iṣẹ́ tí mo gbé jáde, òun ló mọ̀ ọ́n torí pé ó ti ṣe irú iṣẹ́ náà rí. Mi ò tíì mọ ọdún tó ti lò lẹ́nu iṣẹ́ tí mo ti tẹ̀ ẹ́.

Nǹkan kan tún ni o: àwọn méjì wà tí mi ò ṣí torí pé owó wọn kéré jù, dọ́là mẹ́ta ní wákàtí kan. Ẹ̀rù bà mí. Nítorí náà, kì í ṣe ìlà nìkan là ń wò.

BàbáTìmílẹ́yìn · Ọjọ́ Ajé, 1:03 ọ̀sán

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun gan-an. Ó ti lé ní ọdún mẹ́jọ tí mo ti ń jẹun lórí irú iṣẹ́ yìí, ohun tí ẹ sọ yìí ni mo fi owó púpọ̀ kọ́.

Àdùkẹ́, gba lẹ́tà rẹ padà, kí o sì gbé e sábẹ́ àwòrán àti orúkọ rẹ bí oníbàárà ṣe máa rí i. Orúkọ rẹ wà lókè níbẹ̀. O tún sọ orúkọ rẹ. Nàìjíríà wà níbẹ̀. O tún sọ pé Nàìjíríà. Iṣẹ́ tí o mọ̀ wà níbẹ̀, o tún dárúkọ ẹ̀. Ìlà méjì péré ni wọ́n fún ọ láti fi hàn, ohun tó ti wà lójú wọn tẹ́lẹ̀ lo fi kún un tán. Ohun tó dára nínú lẹ́tà rẹ, ìyẹn àwọn olóògùn yẹn, ó dá mi lójú pé ìsàlẹ̀ pátápátá ló wà, níbi tí ẹnikẹ́ni kò dé.

Nípa 3 nínú 31, má tíì gbé gbogbo ẹ̀bi náà rù ìlà àkọ́kọ́. Lọ sórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí o wo ibi tí wọ́n kọ "Last viewed by client". Àwọn oníbàárà kan wà tó máa gbé iṣẹ́ jáde tí wọn kò ní padà wá wò ó mọ́. Yọ àwọn yẹn kúrò nínú 31, kí o tó mọ iye tó kù lóòótọ́. Tí iye tí wọ́n ṣí nínú ìyókù bá ṣì kéré, nígbà náà ni ohun tí wọ́n ń rí kí wọ́n tó ṣí i ní ọ̀ràn: ìlà méjì yẹn, àwòrán, iye owó. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ń ṣí i dáadáa ṣùgbọ́n wọn kò fèsì, ìlà àkọ́kọ́ ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn, inú lẹ́tà ni kí o lọ tún ṣe.

ỌmọAkín, òótọ́ ni pé kí èèyàn tètè dé dára. Ṣùgbọ́n Connects tí ẹ ń fi kún un, ipò nìkan ló ń rà. Ìlà méjì kan náà ló ń gbé lọ sókè. Tí "Inú mi dùn" bá wà lókè, "Inú mi dùn" náà ni wọ́n máa kọ́kọ́ fò.

Àdùkẹ́, mú iṣẹ́ kan tí o fẹ́ kọ̀wé sí wá síbí, ká jọ wò ó.

KọngílákítọÒṣogbo · Ọjọ́ Ajé, 2:17 ọ̀sán

Ẹ má ṣi ọmọ yìí lọ́nà o. Mo ti ń kọ àbá iṣẹ́ láti ìgbà tí òfin ríra nǹkan fún ìjọba ti jáde ní 2007, mi ò rí ibi tí wọ́n ti ń fi ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ rí. Ohun tó gbọ́dọ̀ wà lókè ni nọ́ńbà ìpolówó, nọ́ńbà ìpín iṣẹ́ tí o ń du, àti ọjọ́. Lẹ́yìn náà, kí ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà bó ṣe yẹ. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ṣé orúkọ ìnagijẹ ló pọ̀ nínú ìwé yín", wọ́n á ju tirẹ̀ síta ni. Ọmọ Yorùbá kì í sì í wọlé kó má kí onílé.

BàbáTìmílẹ́yìn · Ọjọ́ Ajé, 3:30 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ nípa iṣẹ́ ìjọba. Ṣùgbọ́n ibi tí ìyàtọ̀ wà ni pé níbẹ̀, dandan ni kí wọ́n ṣí tiyín. Gbangba ni wọ́n ti ń ṣí àpòòwé, níṣojú àwọn tó kọ̀wé, wọ́n sì ní ìwé tí wọ́n ń fi máàkì sí. Kò sẹ́ni tó lè fi àtàǹpàkò fò yín. Nọ́ńbà ìpolówó gan-an ni ìlà àkọ́kọ́ yín, torí òun ni akọ̀wé ń wá kó tó mọ ibi tó máa to ìwé náà sí. Ti Àdùkẹ́ yàtọ̀ pátápátá. Òǹkàwé tirẹ̀ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè, inú bọ́ọ̀sì ló wà.

SàláwàÌlọrin · Ọjọ́ Ajé, 5:48 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí èyí náà. Àwọn oníbàárà kan máa ń fi ọ̀rọ̀ kan pamọ́ sí ìsàlẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde: "Fi ọ̀rọ̀ báyìí bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà rẹ kí n lè mọ̀ pé o kà á." Iṣẹ́ atúmọ̀ kan bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Mo mọ iṣẹ́ náà dunjú, èmi àti ẹni tó gbé e jáde ti jọ ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan rí, síbẹ̀ kò ṣí lẹ́tà mi. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé gbogbo èyí tí ọ̀rọ̀ yẹn kò bá ti sí nínú ìlà àkọ́kọ́ ni òun kàn gbá dànù, òun ò wo orúkọ. Ọ̀rọ̀ náà wà nísàlẹ̀, lẹ́yìn àwọn ohun tí wọ́n máa ń kọ ní gbogbo ìgbà. Mi ò kà dé ibẹ̀. Nítorí náà, ỌmọAkín, lẹ́tà kan náà fún gbogbo èèyàn kò ní lè gba irú iṣẹ́ yẹn láéláé, bó ti wù kó yá tó.

Àdùkẹ́Mọ́kọ́lá · Ọjọ́ Ajé, 9:10 alẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Mo ti yẹ ìkọ̀ọ̀kan wò bí Bàbá ṣe wí. Nínú 31, oníbàárà 9 ni kò padà wá mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n gbé iṣẹ́ jáde. Ó ku 22. Mẹ́ta nínú 22, ó ṣì kéré.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ kọ̀wé sí rèé, mo tú u ní ṣókí. Ìsọ̀ olódòdó ni, ní Mánṣẹ́sítà: "A ní àkọsílẹ̀ oníbàárà 4,200 tí a ti kó jọ fún ọdún mẹ́ta. Orúkọ, fóònù, ímeèlì, àdírẹ́sì. Ọ̀pọ̀ èèyàn wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. A tẹ Remove Duplicates, díẹ̀ péré ló yọ. A fẹ́ fi káàdì ránṣẹ́ sí wọn kí Ọjọ́ Àwọn Ìyá tó dé, a ò fẹ́ kí ẹnì kan gba káàdì mẹ́ta."

Mo kọ eléyìí: "Ẹ kú iṣẹ́. Mo rí i pé àwọn oníbàárà kan wà lẹ́ẹ̀mejì nínú àkọsílẹ̀ yín, ẹ sì fẹ́ yọ wọ́n kí Ọjọ́ Àwọn Ìyá tó dé. Mo lè bá yín ṣe é kíákíá, láìsí àṣìṣe."

Mo yọ orúkọ mi, mo yọ Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìkíni yẹn ṣòro fún mi láti yọ. Ó dà bíi pé mi ò ní ẹ̀kọ́ ilé.

ÌyáÌbejìPẹ́kàmù · Ọjọ́ Ajé, 10:02 alẹ́

Ọmọ mi, kí wọn. Kò sẹ́ni tó máa bínú sí ọ̀rọ̀ méjì. Ìkíni tó gba ìlà kan àti ààbọ̀ ló ń dí ọ̀nà. Tó o bá fẹ́ sọ pé inú rẹ dùn, sọ ọ́ nísàlẹ̀ nígbà tó o bá fẹ́ dágbére, mo máa ń kà á níbẹ̀, ó sì máa ń dùn mọ́ mi.

BàbáTìmílẹ́yìn · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:20 àárọ̀

Ó ti sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n wò ó dáadáa: ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ọ sọ lo dá padà fún wọn. Wọ́n ti mọ̀ pé àwọn kan wà lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ló sọ fún ọ. Èèyàn ogún máa kọ ohun kan náà. Bí aláìsàn bá wí fún oníṣègùn pé orí ń fọ́ òun, tí oníṣègùn ní "mo rí i pé orí ń fọ́ yín", aláìsàn náà kò tíì gbọ́ nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ tó níye lórí jù nínú iṣẹ́ yẹn ni "díẹ̀ péré ló yọ". Ibẹ̀ ni ìrora wà. Wọ́n ti gbìyànjú, ó kọ̀, wọn kò sì mọ ìdí rẹ̀. Ìwọ mọ ìdí rẹ̀. Remove Duplicates kì í yọ àfi èyí tó bá bá ara wọn mu pátápátá. Nọ́ńbà fóònù ẹnì kan ní ìlú ọba lè wà nínú àkọsílẹ̀ kan náà ní ọ̀nà mẹ́ta: èyí tó fi 07 bẹ̀rẹ̀, èyí tó fi +44 7 bẹ̀rẹ̀, àti èyí tó fi 7 bẹ̀rẹ̀ torí pé Excel ṣí fáìlì CSV, ó rò pé iye lásán ni, ó sì jẹ òdo iwájú rẹ̀. Lójú kọ̀ǹpútà, èèyàn mẹ́ta nìyẹn. Lójú wa, ìyá kan ṣoṣo tó ń ra òdòdó ni.

Nítorí náà, bí èmi bá máa kọ ọ́: "Ẹ kú iṣẹ́. Ó jọ pé nọ́ńbà fóònù ni Remove Duplicates kò fi rí wọn: 07, +44 7, àti 7 tí òdo rẹ̀ ti sọnù, èèyàn mẹ́ta ni Excel kà wọ́n sí." Ìlà méjì ti tán. Ẹni tó ka ìyẹn á ṣí fáìlì rẹ̀ lọ wò ó. Tó bá rí i pé bẹ́ẹ̀ ló rí, ó dájú pé ìwọ ló máa tẹ̀.

Ìlà kẹta ni kí o fi sọ ohun tí o máa ṣe: nọ́ńbà mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn lo máa fi wé ara wọn. O lè fi èyí sí i:

```
=RIGHT(SUBSTITUTE(B2," ",""),10)
```

TóbiOníDátà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:51 àárọ̀

Bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n kó má fi fọ́múlà yẹn síbẹ̀ o. Mánṣẹ́sítà ni wọ́n wà. Nọ́ńbà orí ilẹ̀ níbẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0161, ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń kọ ọ́ sáàárín àkámọ́, tàbí kí wọ́n fi ìlà kékeré sáàárín rẹ̀. Àlàfo nìkan ni fọ́múlà yín ń yọ. Tó bá pàdé (0161) 496 0123, ohun tó máa mú jáde ni 61)4960123. Kò ní bá èyí tí kò ní àkámọ́ mu. Àwọn nọ́ńbà orí ilẹ̀ díẹ̀ sì wà lọ́hùn-ún tó jẹ́ pé mẹ́sàn-án ló tẹ̀lé òdo, kì í ṣe mẹ́wàá. Ìyẹn náà á tún ṣìnà.

Èyí tó tóbi jù: nọ́ńbà kan náà kò túmọ̀ sí èèyàn kan náà. Tọkọtaya lè máa lo fóònù ilé kan. Tó o bá fi nọ́ńbà nìkan pa wọ́n pọ̀, ọkọ gba káàdì, ìyàwó kò gbà á, ní Ọjọ́ Àwọn Ìyá! Sàmì sí wọn ni, má pa ohunkóhun rẹ́, kí oníbàárà fi ojú ara rẹ̀ wò ó.

Mo fara mọ́ ìlà méjì àkọ́kọ́ yẹn, pàápàá "ó jọ pé". O ò tíì rí fáìlì wọn. Tó o bá sọ ọ́ bí ẹni tó ti rí i, tó wá jẹ́ pé orúkọ tí wọ́n ṣì kọ ló fà á, ìlà kan náà tó yẹ kó gbà ọ́ wọlé ló máa lé ọ.

BàbáTìmílẹ́yìn · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:30 àárọ̀

O ṣeun, Tóbi. Mo gbà. Mo ronú nípa fóònù alágbèéká nìkan, mo gbàgbé àkámọ́. Àdùkẹ́, fi fọ́múlà sílẹ̀, kí o sì gbé ọ̀rọ̀ tọkọtaya yẹn sí ìlà kẹta dípò rẹ̀.

ỌmọAkínAkúrẹ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:15 ọ̀sán

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyí. Ẹ ti sọ ojútùú fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n á kà á, wọ́n á lọ ṣe é fúnra wọn, wọn ò ní gbà á. Wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi lẹ́ẹ̀kan. Mo ṣàlàyé bí mo ṣe máa tún ojú ìwé kan ṣe, lọ́jọ́ kejì wọ́n ti iṣẹ́ náà, ojú ìwé náà sì ti dáa.

ÌyáÌbejìPẹ́kàmù · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:40 ọ̀sán

Ó lè ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdí tí nǹkan fi bàjẹ́ ni Bàbá ní kó sọ, kò ní kó sọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èmi tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ Ìyá Bọ̀sẹ̀ fún, ṣé mo wá jókòó ti ìwé gbèsè ní aago mẹ́wàá alẹ́ lẹ́yìn tí mo ti dúró látàárọ̀? Mo mọ ìdí rẹ̀, ó sì tún wá wù mí kí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá mi ṣe é.

TóbiOníDátà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:05 ọ̀sán

Ó tún kù síbi bí iṣẹ́ ṣe tóbi tó. Ti ỌmọAkín, bí ó ṣe sọ ọ́, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ẹni tó bá gbọ́ ojútùú iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá á ṣe é lóòótọ́. Àkọsílẹ̀ 4,200 kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Àdùkẹ́Mọ́kọ́lá · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:33 ìrọ̀lẹ́

Mo ti fi ránṣẹ́. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́. Ó jọ pé nọ́ńbà fóònù ni Remove Duplicates kò fi rí wọn: 07, +44 7, àti 7 tí òdo rẹ̀ ti sọnù, èèyàn mẹ́ta ni Excel kà wọ́n sí. Mi ò ní pa ẹnikẹ́ni rẹ́ torí nọ́ńbà nìkan, nítorí tọkọtaya lè máa lo fóònù kan. Màá sàmì sí wọn, ẹ̀yin lẹ máa pinnu."

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá sọ ọ̀rọ̀ olóògùn, ní ìlà méjì. Lẹ́tà náà kò gbà tó ìdajì èyí tí mo máa ń kọ tẹ́lẹ̀. Ogójì ìṣẹ́jú sì ni mo lò lórí ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn nìkan.

KọngílákítọÒṣogbo · Ọjọ́rú, 8:05 àárọ̀

Mo ti ka gbogbo ẹ̀. Ó yé mi pé ibi tí ẹ ń bá lọ yàtọ̀ sí tèmi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n béèrè: tó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ aládàáni ni mo fẹ́ kọ ímeèlì sí, láti bá wọn kun ilé, tí kì í ṣe pé wọ́n polówó, ṣé irú tiyín ni kí n tẹ̀lé ni, àbí irú tèmi?

SàláwàÌlọrin · Ọjọ́rú, 8:52 àárọ̀

Bàbá Kọngílákítọ, irú tiwa yìí náà ni o. Orí fóònù, àkọlé ímeèlì àti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ nìkan ló máa ń hàn kí wọ́n tó ṣí i. Tí ẹ bá fi "Mo kí yín ní orúkọ ilé iṣẹ́ wa" bẹ̀rẹ̀, ohun tó máa hàn nìyẹn. Tí ẹ bá ti kọjá níwájú ilé náà, tí ẹ rí i pé ọ̀dà ògiri tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn ti ń bó, ìyẹn ni kí ẹ fi síwájú.

Àdùkẹ́Mọ́kọ́lá · Ọjọ́ Ẹtì, 7:45 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Olódòdó ṣí i ní Ọjọ́rú, ó sì fèsì lónìí. Kò tíì gbà mí o. Ìbéèrè ló bi mí: tí àdírẹ́sì ẹnì kan bá wà ní oríṣi méjì, báwo ni màá ṣe mọ èyí tí káàdì máa lọ síbẹ̀? Mo ní kó jẹ́ kí n mọ̀ bóyá ọjọ́ tí wọ́n ra ọjà kẹ́yìn wà nínú fáìlì, kí n lè mú àdírẹ́sì tó tuntun jù. Ó ní inú fáìlì mìíràn ni ìyẹn wà, òun á wá a.

Láti Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àbá iṣẹ́ márùn-ún ni mo ti fi ránṣẹ́ lọ́nà yìí. Wọ́n ti ṣí mẹ́ta. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ìlà yẹn nìkan ni, torí pé mo tètè fi wọ́n ránṣẹ́ bí ẹ̀gbọ́n ỌmọAkín ṣe wí, kò sí èyí tó ju àbá mẹ́wàá lọ nígbà tí mo débẹ̀.

ỌmọAkínAkúrẹ́ · Ọjọ́ Ẹtì, 8:01 alẹ́

Ṣé o rí i? Àsìkò!

BàbáTìmílẹ́yìn · Ọjọ́ Ẹtì, 8:30 alẹ́

Márùn-ún kò tó láti fi dájọ́. Kọ ogún, kí o máa kọ wákàtí tí o fi ránṣẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìlà tí o fi bẹ̀rẹ̀. Àdùkẹ́, jọ̀ọ́, mẹ́ta tí wọ́n ṣí nínú 31 ti àkọ́kọ́, báwo lo ṣe bẹ̀rẹ̀ wọn?

Àdùkẹ́Mọ́kọ́lá · Ọjọ́ Ẹtì, 9:14 alẹ́

Bàbá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ padà lọ wò wọ́n ni. Ọ̀kan, èèyàn mẹ́rin péré ló kọ̀wé sí i, bóyá ìdí rẹ̀ nìyẹn. Méjì tó kù, mo rántí ọjọ́ náà dáadáa. Iná ti lọ, bátìrì kọ̀ǹpútà mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, mi ò ráyè lẹ lẹ́tà mi mọ́ ọn. Mo kàn bi wọ́n ní ìbéèrè kan nípa fáìlì wọn, mo sì tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ojú tì mí pé mo kọ nǹkan ránpẹ́ bẹ́ẹ̀ sí wọn. Ni mo bá fi lẹ́tà gígùn tẹ̀lé e láti fi tọrọ àforíjì.